Ìwé Ìfìdímúlẹ̀ Gbọ̀ngàn Fún Ọjọ́ Ìbí Ọgọ́rin Ọdún Màmá Wa, Sátidé 14 Oṣù Kọkànlá 2026

Bódìjà, Ìbàdàn
Mọ́ńdè, 5 oṣù Kẹwàá, 2026

Sí Ọ̀gá Mánéjà Gbọ̀ngàn,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó. Èmi Fọlákẹ́ ni, àkọ́bí Màmá, tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wá wo gbọ̀ngàn yín ní Sátidé tó kọjá. A dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ mú wa yí gbogbo ibẹ̀ ká, títí dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn alásè ń dáná sí. Gbogbo ohun tí a jọ sọ lórí ìdúró lọ́jọ́ náà, àti èyí tí a ti sọ lórí fóònù ṣáájú, ni mo kó sínú ìwé yìí, kó má baà di pé ẹnì kan gbọ́ ogún, ẹnì kan gbọ́ ọgbọ̀n. Àwa méje ni ọmọ Màmá. Mẹ́ta wà nílùú òyìnbó, wọ́n sì ń fowó ránṣẹ́, kálukú ló sì ń pè mí pẹ̀lú ìbéèrè tirẹ̀. Ìwé yìí ni màá fi hàn wọ́n.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, ọdún 2026 ni ọjọ́ wa, kò sì yí padà. A ti san àsansílẹ̀ ₦500,000 sínú àkáǹtì gbọ̀ngàn ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ẹ sì ti já rìsíìtì fún wa. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín kì í ṣe ọwọ́ àbùkù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí oṣù Kọkànlá jẹ́: òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń wálé, kò sì sí Sátidé tí ènìyàn méjì kì í du gbọ̀ngàn kan. Ẹni tó bá wá bá yín nítorí ọjọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti gbà á.

Ní ti àkókò tí àwọn èèyàn wa máa wọlé: ẹ sọ pé ìdána kan wà níbẹ̀ ní Fráìdé, pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò kúrò, àti pé aago méje alẹ́ ni ẹ máa ṣílẹ̀kùn fún tiwa. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ ìdána, tí alága ìdúró àti alága ìjókòó bá ti wọ̀yá ìjà tán, aago mẹ́fà lè di mẹ́jọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ṣiṣẹ́ títí di aago méjìlá òru bí àwọn tó ṣáájú wa bá pẹ́, láìgba owó kún un, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe àwa la fa ìdádúró. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n ní àkàbà tiwọn. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri yín, wọn ò sì gbọ́dọ̀ lẹ téèpù mọ́ ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Àwọ̀ ewé àti wúrà ni wọ́n máa fi ṣe é, férémù onírin tó ń dá dúró ni wọ́n sì máa ta aṣọ sí.

Ní Sátidé fúnra rẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ ni alásè máa dé. Ilé ni wọ́n ti máa se ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín wá, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti máa ro àmàlà, nítorí àmàlà tí a gbé láti ilé kò ní dára lẹ́nu mọ́ kí àlejò tó jókòó. Gáàsì ni wọ́n máa lò, kò ní sí igi ìdáná, bí ẹ ṣe pàṣẹ. Aago mẹ́jọ ni onílù àti àwọn tó ń to ẹ̀rọ gbohùngbohùn máa wọlé. Ìsìn ìdúpẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti aago mẹ́wàá, a sì kọ aago méjìlá sórí ìwé ìpè. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé ẹni tó bá dé ní méjìlá géérégé, àga ni yóò máa kí. A ṣírò rẹ̀ pé gbọ̀ngàn máa kún láàárín aago kan ààbọ̀ sí méjì. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni orin máa dákẹ́, aago mẹ́jọ ni a máa ti kó gbogbo ẹrù wa jáde. Bí a bá kọjá mẹ́jọ, ₦50,000 fún wákàtí kan ni ẹ sọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló máa dúró ti ìpalẹ̀mọ́, òun náà ló sì máa bá yín ka àga kí ó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ iye ènìyàn ló jẹ mí lógún jù. Lórí fóònù, ẹ ní gbọ̀ngàn lè gba irinwó bí a bá fún ara wa mọ́ra. Pátákó tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà sì kọ 350. Nígbà tí a wá, èmi àti àbúrò mi wọn ilẹ̀: tí a bá yọ pèpéle onílù, tábìlì ńlá ti Màmá àti àyè tí wọ́n ti máa jó, tábìlì róbótó ọgbọ̀n ló máa jókòó dáadáa, ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọ̀ọ́dúnrún nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀ọ́dúnrún ni a mú nínú gbọ̀ngàn, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti àga kún un lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó, kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá mi. Àwọn ọ̀rẹ́ Màmá ló pọ̀ jù nínú àlejò, púpọ̀ nínú wọn ń lo ọ̀pá, méjì ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera. Wọ́n gbọ́dọ̀ ráyè kọjá láàárín tábìlì lọ sí ilé ìtura láìjẹ́ pé a ń sọ fún ènìyàn mẹ́rin kí wọ́n dìde.

Mo rí ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo lára ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, èyí tó kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ ní torí àwọn olè ni. Ó yé mi, ṣùgbọ́n láti aago mọ́kànlá àárọ̀ títí a ó fi túká, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ẹ̀wọ̀n yẹn sílẹ̀ pátápátá, kì í ṣe pé kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹnì kan. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ò lè gba ẹnu ọ̀nà kan jáde. A máa gba ọmọkùnrin kan tí yóò máa ṣọ́ ibẹ̀, kí ẹrù má baà sọnù.

Ní ti mo-gbọ́-mo-yà, a ò lè lé ènìyàn lọ́jọ́ ayọ̀ Màmá. Kánópì mẹ́ta ni a máa ta sí àyè tó wà níwájú, a ó to àga ọgọ́fà síbẹ̀, oúnjẹ tiwọn á sì yàtọ̀. Ẹ ti gbà pé owó kankan ò sí lórí àyè iwájú yẹn. Mo kàn fẹ́ kí ó hàn nínú ìwé.

Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà ni mo kà. Èyí tó wà lókè pèpéle àti èkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kàn ń fẹ́ atẹ́gùn lásán ni, kò tutù rárá, omi sì ń kán láti ara ti fèrèsé sórí àga. Ẹ ṣèlérí pé ẹ máa pe ẹni tó ń tún un ṣe. Màá tún wá wò ó ní Sátidé, ọjọ́ 31 oṣù yìí. Dísù fún jẹnẹrétọ̀, àwa la máa rà á: líítà 120, tí a máa gbé wá ní Fráìdé. Oníṣẹ́ yín ló máa tan ẹ̀rọ, kò sí ẹni tiwa tó máa fọwọ́ kàn án.

Ẹ tún béèrè bóyá a máa jẹ́ kí àwọn tó ń ta owó tuntun wọlé. Rárá o. Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka níná owó náírà mọ́ ènìyàn lára ní agbo ijó sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀, wà nínú rẹ̀, àjọ EFCC ò sì fi í ṣeré mọ́. Àpótí méjì ni a máa gbé síwájú Màmá, ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn yóò fi ápòòwé sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú onílù ò ní dùn sí i. A ti fi nǹkan kún owó tirẹ̀.

Ó wá ku owó. Bí a ṣe jọ ṣe àdéhùn: gbọ̀ngàn ₦800,000, ìgbálẹ̀ àti ìdalẹ̀nù ₦40,000, owó ìdógò ₦100,000 tí ẹ máa dá padà. Nínú ìwé owó tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ gé fáàtì ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo ₦940,000, ó sì di ₦1,010,500. Ọ̀gá, owó ìdógò kì í ṣe ohun tí ẹ tà fún wa, owó wa ni, ó kàn wà lọ́wọ́ yín. Lórí ₦840,000 nìkan ni fáàtì yẹ kó wà, èyí tó jẹ́ ₦63,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦903,000, tí a bá sì fi ìdógò kún un, ó di ₦1,003,000. Tí a bá yọ ₦500,000 tí a ti san, ₦503,000 ló kù, kì í ṣe ₦510,500. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìwé owó náà kọ, kí àwọn àbúrò mi má sọ pé mo fi ₦7,500 ra súyà.

₦403,000 máa wọ àkáǹtì gbọ̀ngàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí mo bá ti wo ẹ̀rọ amúlétutù yẹn tán. ₦100,000 ìdógò máa wọlé ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá. Àkáǹtì tó wà lórí rìsíìtì yín nìkan la máa san án sí, a ò ní fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ sọ pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lẹ́yìn ayẹyẹ ni ẹ máa dá ìdógò padà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kí ó ti dé ọwọ́ wa ní Fráìdé, ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kí ẹ yọ iye tó bàjẹ́, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀dà méjì ìwé yìí ni mo fi rán ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí méjèèjì, ẹ lu òǹtẹ̀ gbọ̀ngàn sí i, kí ẹ dá ọ̀kan padà fún un kí ó tó di Fráìdé yìí. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí kò bá bí ẹ ṣe rántí rẹ̀ mu, ẹ pè mí lórí nọ́ńbà tí ẹ fi ń pè mí. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ráyè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Fọlákẹ́,
ní orúkọ gbogbo ọmọ Màmá