Bàbá mi, ohun tí dọ́kítà rí nínú àyẹ̀wò kíndìnrín yín rèé

Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ o. Mo kúnlẹ̀. Ẹ kú ìnira ẹ̀yìn, ẹ sì kú àìsùn. Mo ti bá dọ́kítà yín ní Ṣàgámù sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì bi í ní gbogbo ohun tí ẹ ní kí n bi í. Mo fara balẹ̀ kọ ọ́ síbí kí ẹ lè fi ojú ara yín kà á, kí ẹ sì tún un kà nígbàkígbà tí ẹnìkan bá wá kó ọ̀rọ̀ mìíràn sí yín létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màámi jókòó tì yín kí òun náà gbọ́.

Kí n tó sọ ohunkóhun: kíndìnrín yín méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni. Ìtọ́jú sì wà tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ kó má baà rẹ̀ wọ́n jù báyìí lọ. Dọ́kítà kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Torí náà, ilẹ̀ Ògijo tí ẹ ń sọ pé kí Bọ̀dé lọ wá oníbàárà fún, ẹ má tà á.

Iṣẹ́ kíndìnrín ni pé ó ń yọ ìdọ̀tí àti omi tó bá pọ̀jù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, èyí ló ń di ìtọ̀. Méjì ni, wọ́n wà lẹ́yìn ikùn, lábẹ́ egungun ìhà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ẹ fi wé asẹ́ tí Màámi fi ń sẹ́ gàrí. Bí asẹ́ náà bá dára, èyí tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ á bọ́, èyí tó yẹ kó dúró sókè á dúró. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, àwọn ibòmíì á sì dí. Lójú dọ́kítà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọwọ́ tó ń tẹ asẹ́ tiyín. Ṣúgà yín dára, kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe pé ẹ ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo fọ́tò ìwé àyẹ̀wò tí mo fi ránṣẹ́ yẹn. Níbi tí mo fi bírò pupa yí ká, ẹ máa rí 1.4. Ìdọ̀tí kan tí iṣan ara wa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ ni, wọ́n ń pè é ní kiriatíníìnì. Kíndìnrín ló ń kó o dànù. Ìwé náà ní kó má ju 1.3 lọ fún ọkùnrin, ẹ rí i pé tiyín fi díẹ̀ lé. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò nọ́ńbà kejì, 53, èyí tí wọ́n kọ eGFR sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ń sọ bí asẹ́ náà ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le máa ń ní nǹkan bí 100. Bí a bá ti ń dàgbà, ó máa ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń retí 100 lára bàbá ẹni ọdún 74. Tiyín lọ sílẹ̀ ju bí ọjọ́ orí nìkan ṣe máa ń mú un lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí dọ́kítà fi dá sí i. Nọ́ńbà kẹta ni ti ìtọ̀, 46. Ó yẹ kó wà lábẹ́ 30. Ó túmọ̀ sí pé púrótéènì díẹ̀, tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀, ń jò sínú ìtọ̀. Díẹ̀ ni, oògùn sì wà tó ń dín in kù.

Ó wá ku gbólóhùn tó lé oorun lójú yín, “ìpele kẹta”. Bàbá mi, mo mọ ẹni tí ẹ rántí. Jẹjẹrẹ ló ń ṣe wọ́n, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìpele ti jẹjẹrẹ àti ìpele ti kíndìnrín kì í ṣe ohun kan náà rárá. Ti kíndìnrín jẹ́ márùn-ún, nọ́ńbà kejì yẹn, eGFR, ni wọ́n sì fi ń pín in. Ìkẹta fẹ̀ débi pé wọ́n tún là á sí méjì: láti 59 dé 45, àti láti 44 dé 30. Apá àkọ́kọ́, èyí tó fúyẹ́, ni ẹ wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sábà yọjú àfi bí nọ́ńbà bá já wá sísàlẹ̀ 15. 53 ni tiyín. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní irú nọ́ńbà yìí tí wọ́n sì lo ọjọ́ ayé wọn láìdé ibẹ̀.

Mi ò ní tàn yín. Ohun tó ti rẹ̀ lára kíndìnrín kì í sábà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ pátápátá. Ohun tí a ń tọ́jú ni èyí tó kù, èyí tó kù sì pọ̀. Ohun tó tún fi mí lọ́kàn balẹ̀ rèé: àyẹ̀wò tí ẹ kọ́kọ́ ṣe ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, 52 ni. Kò já wálẹ̀ láti ìgbà náà. Torí kí wọ́n lè mọ ìyẹn ni dọ́kítà ṣe ní kí ẹ tún un ṣe, kì í ṣe pé ó ń fi nǹkan pamọ́ fún yín.

Ẹ̀yìn tó ń dùn yín kọ́ ni kíndìnrín o. Irú àárẹ̀ kíndìnrín yìí kì í dunni, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ya àwòrán inú yín, kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí ohun tó dí ojú ọ̀nà ìtọ̀. Egungun ẹ̀yìn ló ń ro yín látorí gbogbo àpò obì tí ẹ gbé lọ́jà Ṣàgámù láti kékeré.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀yìn yẹn. Òun ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí jù lọ nínú gbogbo ìwé yìí. Oògùn tí wọ́n ń dì pọ̀ fún yín ní kẹ́místì, tí wọ́n ń pe ọ̀kan ní diklofẹ́náàkì, tí wọ́n ń fi ibuprófíìnì àti pirósíkáàmù kún, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú kíndìnrín dín kù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa lò ó. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o fún Màámi lónìí. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, parasitamọ́ọ̀lù ni kí ẹ lò, kó má ju bí dọ́kítà ṣe kọ ọ́ lọ, kí Màámi sì fi omi gbígbóná jó o. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí náà, ẹ jẹ́ kó sinmi. Mi ò bú àgbo, ilé àgbo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta á ní gáréèjì kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa, àwọn egbòigi kan sì wà tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó bá ní òun ní àgbo tó ń fọ kíndìnrín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má mu ún.

Oògùn méjì ni ẹ óò máa lò. Amilodipíìnì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, ń bọ̀ padà. Ẹ fi í sílẹ̀ nítorí pé ara yín yá, kò sí ẹni tó ń bá yín wí. Àmọ́ oògùn yẹn ló jẹ́ kí ara yá, bí a bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ á tún gòkè láìfi ara rẹ̀ hàn. 158 lórí 92 ni wọ́n bá a lọ́jọ́ yẹn, a fẹ́ kó wà lábẹ́ 130 lórí 80. Oògùn tuntun ni lisinopirílì, èyí tó kéré. Ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, ó sì ń dín púrótéènì tó ń jò kù. Ó lè mú kí ojú yí yín díẹ̀, torí náà ẹ máa rọra dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ikọ́ gbígbẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ pè mí, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Bí ètè, ahọ́n tàbí ojú bá wú, ẹ má lò ó mọ́, kí Bọ̀dé gbé yín lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì ń bì tàbí tí ẹ ń ṣu gbuuru, ẹ pè mí kí ẹ tó lo ti ọjọ́ náà.

Ní ti oúnjẹ, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ yín wà níbẹ̀. Gàrí àti ẹja wà níbẹ̀. Pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ yín dára, 4.4, torí náà kò sí èso tí wọ́n dá dúró fún yín. Iyọ̀ ni ọ̀tá. Màámi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí mágì àti iyọ̀ inú ọbẹ̀ dín kù gidigidi, kí irú, ata àti àlùbọ́sà ṣe iṣẹ́ adùn. Ẹ má fi káún sínú ẹ̀wà mọ́. Ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ da omi náà nù, kí ó sì má jẹ́ ojoojúmọ́. Ẹran kò ní ẹ̀ṣẹ̀, kó ṣáà má jẹ́ bí ẹran Iléyá lójoojúmọ́. Omi, ẹ mu ún bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Ẹni tó ní kí ẹ máa fipá mu odindi kẹ́ẹ̀gì lóòjọ́ láti fi fọ kíndìnrín, ìyẹn kò pọn dandan.

Ẹ béèrè ààwẹ̀ Ráńmàdánì. Dọ́kítà kò tíì ní kí ẹ má gbà á. Ó ní kí a dé ọ̀dọ̀ òun kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, kí òun wo ẹ̀jẹ̀ yín, kí òun sì tún àkókò oògùn ṣe. Bó bá sọ pé kí ẹ sinmi lọ́dún yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ọlọ́run fi ìrọ̀rùn sínú rẹ̀ fún aláìsàn.

Bí ẹsẹ̀ bá wú, bí ìtọ̀ bá dín kù púpọ̀, tàbí bí èémí bá ń le lórí ìbùsùn, ẹ má dúró de àárọ̀, ẹ pe Bọ̀dé kí ẹ tó pè mí, òun ló súnmọ́ yín.

Lọ́jọ́bọ̀, Bọ̀dé á gbé oògùn wá, á sì gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò obì yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, ẹ óò tún fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n wo pòtásíọ̀mù àti kiriatíníìnì. Bí 1.4 yẹn bá gòkè díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, dọ́kítà ti sọ fún mi pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Owó oògùn wà lọ́dọ̀ èmi àti Bọ̀dé, ẹ má fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Mo máa pè lẹ́yìn ìrun Íṣáì, kí ẹ sì ti kọ gbogbo ìbéèrè yín sílẹ̀.

Ọmọ yín,
Bísọ́lá