Àtakò sí ìdíyelé àfojúdá owó-orí ilé-iṣẹ́ wa fún ọdún 2023

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Owó-orí Àwọn Ilé-iṣẹ́ Kéékèèké.

Ọ̀gá wa,

A rí ìwé yín ti ọjọ́ 26 oṣù Kejì gbà, nínú èyí tí ẹ ti sọ pé ọjà tí a tà lọ́dún 2023 tó mílíọ̀nù 96, tí ẹ sì bu owó-orí lé e. A kò fara mọ́ iye yìí. Mílíọ̀nù 41.4 ni a tà lọ́dún náà, òun náà ló sì wà nínú ìwé owó-orí tí a fi sílẹ̀ kí gbèdéke tó pé. Ẹ gba ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí àtakò wa, láàárín ọjọ́ 30 tí ẹ fún wa.

Ohun tí ẹ ní ó jẹ́ kí ẹ fojú dá a ni pé a kò kó ìwé ìṣirò wa wá nígbà tí ẹ béèrè. A kó wọn wá. Ẹ̀dà lẹ́tà tí a fi kó wọn sílẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì yín sì wà lára rẹ̀. Bóyá fáìlì náà kò dé ọwọ́ ẹni tó ṣe ìṣirò. A kò ní fa ìyẹn gùn. A tún ti kó ẹ̀dà mìíràn wá.

Nígbà tí akáńtáǹtì wa tọpa iye yín, ó bá a débi tó ti ṣẹ̀ wá: ẹ ro gbogbo owó tó wọ àkáǹtì wa méjèèjì ní báńkì pọ̀, ẹ sì pe gbogbo rẹ̀ ní owó ọjà. Owó náà wọlé lóòótọ́. Àmọ́ mílíọ̀nù 22.5 nínú rẹ̀ jẹ́ owó tiwa tí a ń gbé láti àkáǹtì kan bọ́ sí èkejì láti fi san owó òṣìṣẹ́. Ẹ ti kà á nígbà tí oníbàárà san án, ẹ tún wá kà á nígbà tí àwa fúnra wa gbé e. Mílíọ̀nù 18 ni báńkì yá wa láti fi ra ẹ̀rọ tuntun. Gbèsè ni, a ṣì ń san án. Mílíọ̀nù 6 ni owó ẹ̀rọ àtijọ́ tí a tà, kì í ṣe ohun tí a ń ṣe tà. Mílíọ̀nù 5 ni oníbàárà kan fi sílẹ̀ kó tó yí ọkàn padà. A dá a padà fún un lóṣù kan náà, ìwé báńkì sì fi hàn. Mílíọ̀nù 3.1 tó kù jẹ́ owó-orí ọjà tí a bá ìjọba gbà lọ́wọ́ oníbàárà, tí a sì san sí ọ́fíìsì yín. Bí ìyẹn ṣe wá di ọjà tiwa kò yé wa rárá. Ẹ yọ gbogbo wọn kúrò nínú 96, 41.4 ló kù.

Ká tiẹ̀ pa ti báńkì tì, ẹ wo ẹ̀rọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ike nìkan la ń ṣe, ẹ̀rọ kan àti mọ́ọ̀dù kan la sì ń lò. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ tuntun dé ni ti àtijọ́ jáde. Ó ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 40 kí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó jáde, nítorí ó gbọ́dọ̀ tutù nínú mọ́ọ̀dù. Bí a bá kánjú yọ ọ́, ìdí rẹ̀ á wọ́, kò sì sẹ́ni tó máa rà á. Ní wákàtí mẹ́jọ tí a fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, 720 ni. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 250, láìsí pé iná lọ tàbí ohunkóhun bàjẹ́, 180,000 ni. Ọ̀ọ́dúnrún la ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí owó ọjà tó lè tó mílíọ̀nù 96, a ní láti ta 320,000, ẹ̀rọ kan kò sì lè ṣe é.

138,000 la tà. Gíráàmù 200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n, ìyẹn tọ́ọ̀nù 27.6. Rìsíìtì àwọn tó ń ta ike fún wa fi hàn pé tọ́ọ̀nù 28.4 la rà lọ́dún náà. Ìyàtọ̀ náà ni èyí tó bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ. Iye tiyín á gba tọ́ọ̀nù 64, a ò sì mọ ibi tí a ti fẹ́ rí i rà.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹ fagi lé ìdíyelé àfojúdá náà, kí ẹ tún un ṣe lórí mílíọ̀nù 41.4, kí ẹ sì yọ owó ìtanràn tó gùn ún. A ti san owó-orí tó kan iye tí a fi sílẹ̀. Rìsíìtì rẹ̀ wà níbí. Kí ẹ jọ̀wọ́ má ṣe gba ìyókù lọ́wọ́ wa títí ẹ ó fi dá wa lóhùn. Bí ẹ bá fẹ́ rán ẹnìkan wá wo ẹ̀rọ náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó mú aago dání. Ọjọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí ló lè wá.

A so ìwé báńkì àkáǹtì méjèèjì, àdéhùn owó yíyá, ìwé títa ẹ̀rọ àtijọ́, rìsíìtì owó-orí ọjà, ìwé ọjà títà àti rìsíìtì ike mọ́ ọn.

Tiyín ní tòótọ́,

Olùdarí ilé-iṣẹ́