Àwòrán ìyípo omi fún Pírámárì Karùn-ún

Ya àwòrán ìkọ́ni nípa ìyípo omi, èyí tí a ó gbé kọ́ ògiri kíláàsì. Kí ó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, ní ìwọ̀n 3:2. Àwọ̀ kan ṣoṣo lórí nǹkan kọ̀ọ̀kan, láìsí òjìji, láìsí dídán. Ìlà dúdú tó nípọn ní etí gbogbo nǹkan.

Lápá òsì, àwọn òkè Èkìtì. Ibẹ̀ ni Odò Ọ̀ṣun ti ń ṣàn wá sí ọ̀sà Lẹ́kìí lápá ọ̀tún, kó tó dé òkun. Oòrùn wà lókè òkun. Ọfà pupa mẹ́ta gòkè láti òkun, ọ̀kan tín-ín-rín láti orí igi. Má ya èéfín kankan síbẹ̀: ojú kì í rí oru omi, ìkùukùu nìkan ni a ń rí. Ọfà funfun gbé ìkùukùu lọ sórí òkè. Òjò rọ̀ níbẹ̀.

La ilẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi abẹ́ ilẹ̀ hàn, kí kànga kan kàn án, pẹ̀lú okùn àti garawa.

Àkọlé méje, lẹ́tà ńlá dúdú lórí funfun: Oòrùn, Òkun, Oru omi, Ìkùukùu, Òjò, Odò, Omi abẹ́ ilẹ̀. Pa àmì ohùn mọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Bí "Òkun" bá di "Okùn", okùn kànga ni àwọn ọmọ máa kà. "Òórùn" náà kì í ṣe oòrùn. Má fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un.