Lẹ́tà ètò ìwádìí lórí pẹrọ́fúsíkáìtì háláìdì àti ìwọ̀n ìfàyègbà

Gwagwalada, Àbújá
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹwàá, 2024

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àbójútó wa. Ètò ìwádìí tí ẹ ní kí n kọ sílẹ̀ kí ọyẹ́ tó wọlé ni mo fi ránṣẹ́ yìí. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ṣé ìwọ̀n ìfàyègbà, t, lè sọ fún wa irú pẹrọ́fúsíkáìtì, kírísítà tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná, tí yóò dúró dúdú láìdi ofeefee nínú ooru àti ọ̀rinrin, àbí èyí tó ṣeé ṣe lásán ló ń yàn?

Ohun tí Goldschmidt gbé kalẹ̀ ní 1926 ṣì ni ìpìlẹ̀:

```
t = (rA + rX) / (√2 · (rB + rX))
```

r ni rédíọ̀sì ayọ́nù kọ̀ọ̀kan. Nínú APbI₃, òjé ni B, ayódáìdì ni X, ayọ́nù A ló sì jókòó sínú ihò tó wà láàárín àwọn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-mẹ́jọ òjé àti ayódáìdì. Bí A bá kéré jù, àwọn ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-mẹ́jọ náà yóò wọ́. Bó bá tóbi jù, wọn kò ní lè fi igun kan ara wọn mọ́. Mo fi 1.19 Å ṣe rédíọ̀sì òjé, 2.20 fún ayódáìdì, 2.53 fún fọmamidíníọ̀mù (FA), 2.17 fún mẹ́táìlì-amóníọ̀mù (MA), 1.88 fún síísíọ̀mù. Èsì rẹ̀ ni 0.987 fún FAPbI₃, 0.912 fún MAPbI₃, 0.851 fún CsPbI₃. Gbogbo wọn wà láàárín 0.8 sí 1.0 tí ìwé máa ń pè ní ibi ààbò. Síbẹ̀, FAPbI₃ máa ń di ofeefee nínú yàrá lásán, CsPbI₃ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi tí a bá gbé e kọjá bí 320 °C. MAPbI₃ ló ń dúró dúdú, ṣùgbọ́n MA máa ń fò lọ ní 85 °C. Nítorí náà t nìkan kò parí ọ̀rọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa nìyí. Bí a bá fi 1.03 Å ṣe rédíọ̀sì òjé nínú ayódáìdì dípò 1.19, nítorí pé ìdè òjé àti ayódáìdì kì í ṣe ti ayọ́nù pátápátá, t FAPbI₃ di 1.035. Ìyẹn ti kọjá 1, ó sì bá àwọ̀ ofeefee rẹ̀ mu. Tábìlì rédíọ̀sì tí a yàn ló ń dá ẹjọ́ náà ju kírísítà fúnra rẹ̀ lọ. Bákan náà, FA kì í ṣe bọ́ọ̀lù, ó gùn lápá kan. Rédíọ̀sì tí a fún un jẹ́ àdéhùn lásán. Èrò mi ni pé a kò gbọdọ̀ lo t bí òṣùwọ̀n tó péye, bí kò ṣe bí asẹ́.

Mo yan FA₁₋ₓCsₓPbI₃, x = 0, 0.10, 0.15, 0.20 àti 0.30. Lórí tábìlì àkọ́kọ́, t wọn jẹ́ 0.987, 0.973, 0.966, 0.959 àti 0.946. Ẹ̀kẹfà ni ẹlẹ́rìí: FA₀.₇₃MA₀.₂₇PbI₃. T tirẹ̀ náà jẹ́ 0.966, ó bá x = 0.15 dọ́gba, ṣùgbọ́n kò ní síísíọ̀mù rárá. Bí àwọn méjèèjì bá pẹ́ bákan náà, t ló ń ṣe é. Bí ti MA bá kọ́kọ́ bàjẹ́ ní 85 °C, a ó mọ̀ pé ohun tó wà nínú ihò náà ṣe pàtàkì ju bó ṣe tóbi tó lọ. Ohun tí mo ń retí ni èyí kejì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí i lórí gíláàsì.

Fún x = 0.15 ní 1.2 M, mílílítà kan yóò gba PbI₂ 553 mg, FAI 175 mg àti CsI 47 mg, nínú DMF 800 µL àti DMSO 200 µL. CsI kì í fẹ́ yọ́ nínú DMF, nítorí náà DMSO ni a ó kọ́kọ́ fi yọ́ ọ. Bí ègé funfun kan bá kù sílẹ̀, x tí a kọ sí ìgò ti di irọ́. Wákàtí kan ní 60 °C, lẹ́yìn náà asẹ́ 0.45 µm tí DMF kò lè jẹ.

Ẹ̀rọ aláyìnyípo yóò yí ní ìgbà 1000 ní ìṣẹ́jú kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, kó tó lọ sí ìgbà 5000 fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Kilorobẹ́ńsíìnì 150 µL ni a ó dà sí àárín nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá 15. Níbí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Bó bá yá jù, fíìmù á ṣì tutù, kilorobẹ́ńsíìnì náà á gbá a lọ. Bó bá pẹ́ jù, kírísítà á ti ṣù ṣáájú, fíìmù á funfun bí dígí tí ènìyàn mí èémí gbígbóná sí. Èyí tó dára máa ń mọ́lẹ̀, ó sì máa ń di àwọ̀ ilẹ̀ lójijì. Lẹ́yìn rẹ̀, 150 °C fún ìṣẹ́jú 10 lórí họ́ọ̀tì pléètì. Bí iná bá lọ láàárín, a ó da fíìmù yẹn nù, nítorí náà invátà ni kí pléètì náà wà lórí rẹ̀, kì í ṣe NEPA.

A kò ní àpótí ìbọ̀wọ́ tí ń dènà atẹ́gùn àti ọ̀rinrin, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí gbogbo fíìmù jáde nínú ọyẹ́, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì. Nínú òjò, ọ̀rinrin á wọ inú fíìmù kí a tó dán an wò rárá.

Dídán an wò: yàrá kékeré mẹ́ta tí a dé pa nínú òkùnkùn. Ọ̀kan ní omi tó kún fún MgCl₂, ọ̀rinrin 33%. Èkejì ní ti NaCl, 75%. Ẹ̀kẹta ni 85 °C pẹ̀lú sílíkà jẹ́ẹ̀lì. Fíìmù mẹ́ta fún irú kọ̀ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 54. Fótò ojoojúmọ́ lábẹ́ iná kan náà, ìdíwọ̀n ìmọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ṣírò àlàfo agbára, àti XRD, ìtànṣán X tó ń fi ètò kírísítà hàn, ní ọjọ́ 0, 7 àti 28. Lórí XRD, 14.0° ni ti ìpele dúdú, 11.8° ti FA ofeefee, 12.7° ti PbI₂. Bí 14.0° kò bá sún sápá ọ̀tún bí x ti ń pọ̀, síísíọ̀mù kò wọlé. Èyí lè ṣẹlẹ̀ ní x = 0.30, nítorí pé síísíọ̀mù lè ya sọ́tọ̀ ní ègé ofeefee tirẹ̀.

Òjé tó ń yọ́ nínú omi kì í ṣe ohun eré. Ìbọ̀wọ́ nítráìlì méjì, mo sì fẹ́ agolo kan fún ìdọ̀tí rẹ̀, kó má baà wọ inú kòtò omi.

Mo ń fẹ́ ohun méjì lọ́wọ́ yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ̀wé sí ibùdó ìwádìí SHESTCO ní Sheda, kí a bèèrè bóyá XRD wọn ń ṣiṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ sì wo iye FAI tí mo fẹ́ rà, gíráàmù 5. Mo rò pé ó tó, pẹ̀lú ti àtúnṣe. Mo lè wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn kíláàsì ọdún kẹta.

Akẹ́kọ̀ọ́ yín,
Adébáyọ̀