Ìlànà ọjọ́ àìsàn fún Màmá: ohun tí a máa ṣe sí ínsúlíìnì àti mẹtifọ́mìnì nígbà èébì

Màmá, ẹ ní kí n kọ ohun tí a jọ sọ ní kíníkì àtọ̀gbẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun sílẹ̀, kí ọmọ yín lè máa kà á fún yín. Òun nìyí. Ẹ jẹ́ kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì tí ínsúlíìnì wà. Ẹ má kì í bọ inú báàgì. Tí èébì bá dé lóru, kò sẹ́ni tó máa ráyè wá bébà kiri.

Ohun tó ṣe kókó jù ni pé kí ẹ má dá ínsúlíìnì dúró fúnra yín nítorí pé ẹ ò jẹun. Mo mọ ohun tó máa ń wá sọ́kàn èèyàn: oúnjẹ ò wọlé, ṣúgà wo ni abẹ́rẹ́ fẹ́ lé? Ṣùgbọ́n tí ara bá ń bá àìsàn jà, ẹ̀dọ̀ máa ń tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹ ò tiẹ̀ fi nǹkan kan ẹnu. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀ fi lè wọn ṣúgà kó bá 300 mg/dL. Tí ínsúlíìnì ò bá tó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá dípò ṣúgà, ásíìdì tí wọ́n ń pè ní kítóònù á kún inú ẹ̀jẹ̀, èébì á sì tún le sí i.

Ìyá kan wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé wá bá wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi fún un lábẹ́rẹ́. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń mí lókè lókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè Màpó tán. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà ò rí iye kà, HI ló kọ, ìyẹn ni pé ṣúgà ti ga kọjá ohun tó lè kà. Ọmọ rẹ̀ ń sọ pé, “Kò jẹun rárá, sístà, ẹ̀rù ló bà wá.” Ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ló fi ṣe é, mi ò lè bá a wí. Ìyá náà yè é, àmọ́ ọjọ́ márùn-ún ló fi wà lórí dírípù.

Ti mẹtifọ́mìnì yàtọ̀ pátápátá. Tí ẹ bá ti ń bì, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe yín, tí omi ò dúró nínú, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà gan-an, ti àárọ̀ àti ti alẹ́. Tí omi bá tán lára, kíndìnrín ò ní lè gbá oògùn yìí jáde bó ṣe yẹ. Yóò máa kó jọ, ó sì lè jẹ́ kí ásíìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí ẹ̀mí á fi wà nínú ewu. Ẹ padà sí i nígbà tí ẹ bá ti ń jẹ, tí ẹ ń mu bíi ti tẹ́lẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48. Tó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán ni, tí ẹ ṣì ń jẹ àmàlà yín, kò sí ìdí láti fi í sílẹ̀.

Lisinópírìlì tí ẹ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà, ẹ fi sílẹ̀ títí èébì á fi lọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ padà pẹ̀lú mẹtifọ́mìnì. Tí orí bá ń fọ́ yín, parasitamọ́ọ̀lù nìkan ni. Ẹ má gba àìbùpúrófẹ̀nì tàbí dàìkilófẹ́náàkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n máa ń ni kíndìnrín lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àgbo àti omi ewúro náà dúró. Dáónílì, oògùn ṣúgà tó ṣẹ́ kù láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ kó o wá fún mi. Ó lè já ṣúgà wálẹ̀ lójijì lára ẹni tí kò jẹun.

Ẹ wọn ṣúgà ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, tòru tọ̀sán, kí ọmọ yín sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Bí dókítà ṣe fọwọ́ sí i fún ogún yúnìtì àárọ̀ àti yúnìtì mẹ́wàá alẹ́ yín nìyí, kò sì sí nínú ẹ̀ fún ẹlòmíràn:

Tó bá ju 250 lọ, ẹ gba iye tí ẹ máa ń gbà, ẹ mu omi lásán, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn wákàtí méjì, kí ẹ sì pè wá. Ẹ má fi yúnìtì kankan kún un fúnra yín.

Láti 150 sí 250, ẹ gba iye tí ẹ máa ń gbà, kí ẹ máa mu ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀díẹ̀.

Láti 70 sí 150, tí oúnjẹ ò sì dúró nínú, ẹ pè wá kí ẹ tó gún un. Tí ẹ ò bá rí wa, ìdajì ni: mẹ́wàá láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kọ tàbí mínírà olóṣúgà tí ẹ ń mu díẹ̀díẹ̀. Tí ìyẹn náà ò bá dúró, ọsibítù ló kàn.

Tí kò bá tó 70, ẹ má tíì gún nǹkan kan. Ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́ta sínú omi, ẹ mu ún, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un ṣe, kí ẹ pè wá. Ẹni tí kò bá jí sáyé, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì wá mọ́tò.

Omi ni oògùn kejì. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Ẹ gbìyànjú kí márùn-ún wọlé lójúmọ́. Àgbémì kan lè dá èébì sílẹ̀, nítorí náà ẹnu méjì-mẹ́ta ni kí ẹ máa mu, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Omi ó-à-ẹ́sì inú sáṣẹ́ẹ̀tì dára fún yín. Ṣúgà inú lítà kan ẹ̀ kò ju gíráàmù 13.5 lọ. Bí ibà bá wà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má fi gbogbo ara gbígbóná pe ibà ẹ̀fọn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá inú agboolé yín tó ń gba ínsúlíìnì láti kékeré, tiẹ̀ tún le. Ara rẹ̀ kì í ṣe ínsúlíìnì rárá, kítóònù lè gbé e dákú láàárín wákàtí mélòó kan. Kí ìyá rẹ̀ má fo abẹ́rẹ́ onípípẹ́ ẹ̀ láé, kó sì tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ rẹ̀ fún kítóònù.

Ẹ má pe ẹnikẹ́ni kí ẹ tó gbéra lọ sí ọsibítù, ọ̀sán ni o, òru ni o, tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀: èébì ò dáwọ́ dúró fún wákàtí mẹ́fà, ṣúgà ju 300 lọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, tàbí ẹ̀rọ kọ HI tàbí LO, ẹ ò tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, ẹ ń mí kíákíá, ọ̀rọ̀ yín ò já gaara mọ́, tàbí oorun ò jẹ́ kí ẹ lajú. Ẹ fi ti àyà kún un: lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn lè dé láìsí ìrora, kó jẹ́ èébì, òógùn tútù àti àìrọ́nà mí nìkan la máa rí.

Láti Bẹẹrẹ, ọsibítù Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu ló sún mọ́ yín. Kí ọmọ yín kó ẹ̀rọ, káàdì aláwọ̀ búlúù yín àti gbogbo oògùn sínú ọ̀rá kan, kó sì kọ aago tí ẹ gún abẹ́rẹ́ kẹ́yìn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í.