Ọ̀rọ̀ Ìṣíde Alága Ìdúró: Ìdílé Oyèníran Wọ Ilé Ṣówándé ní Abẹ́òkúta

(Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà, àárọ̀ Sátidé. Ìdílé ọkọ tò ní méjì méjì sẹ́yìn alága wọn. Onígángan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdílé ìyàwó ti jókòó sínú.)

ALÁGA ÌDÚRÓ: Àgò onílé o!

ALÁGA ÌJÓKÒÓ: Àgò yà. Ta ni yẹn?

ALÁGA ÌDÚRÓ: Àlejò rere ni. A ò gbé ìjà wá, a ò gbé ẹjọ́ wá. Ẹnu ọ̀nà yìí la dúró sí, a ò fẹsẹ̀ kan ilé kí onílé tó ní ká wọlé.

ALÁGA ÌJÓKÒÓ: Aago mẹ́sàn-án la pè yín, aago mẹ́wàá ti fẹ́ lù. Ṣé báyìí lẹ ó ṣe máa fi ọmọ wa sójú ọ̀nà? Ẹ san owó ìtanràn.

ALÁGA ÌDÚRÓ: Òótọ́ lẹ sọ, Màmá, a ò já yín níyàn. Ìdájí la kúrò l'Ógbòmọ̀ṣọ́, a gba Ọ̀yọ́ wọ Ìbàdàn. Ìbàdàn ló mú wa lẹ́sẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò mọ ẹni tó ń lọ kí àna. Owó ìtanràn rèé, owó ìṣílẹ̀kùn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kà á kí àwa tó wọlé o, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé igba náírà ló dín.

(Wọ́n kà á. Wọ́n ní ó dín. Wọ́n fi kún un. Ilẹ̀kùn ṣí, ìlù sọ, ìdílé ọkọ jó wọlé títí dé iwájú àwọn òbí ìyàwó. Kò sẹ́ni tó jókòó. Alága Ìdúró fọwọ́ dá ìlù dúró, ó kúnlẹ̀.)

ALÁGA ÌDÚRÓ: Ẹ̀yin bàbá wa, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin olóyè tó wà níjòókòó, mo fi àyè yín fún yín kí n tó la ẹnu. Pásítọ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ààfáà wa tó jẹ́ àbúrò Bàbá ìyàwó, àsàlámù àléékùn. Ìyàwó ilé, ọmọ ilé, mo kí yín. Mo mọ̀ pé owó tiyín ṣì ń bọ̀ níwájú, ẹ má tíì fojú burúkú wò mí.

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ kú ìmúra. Ẹ kú ìnáwó, ìnáwó ayọ̀ la ó máa rí. Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí lẹ́ẹ̀mejì: ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ! Ọdún 27 kì í ṣe ọjọ́ 27. Ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ rán an nílé ìwé, ẹ kọ́ ọ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Àwa ò mọ iye òru tí Màmá ò fi sùn. A kàn múra lónìí, a wọ aṣọ ẹbí, a ní ká máa mú un lọ. Alága Ìdúró lorúkọ mi lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é sọ ní ìdúró. Ìkúnlẹ̀ ni mo wà.

Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí! Ẹ̀yin tí Olúmọ pa mọ́ lọ́wọ́ ogun!

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́ nǹkan kan. Kí ẹ̀yin Ẹ̀gbá tó tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlárí ní ń ti Ọ̀yọ́ wá gba ìṣákọ́lẹ̀ nílẹ̀ yín. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọn kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lísàbí fi ọgbọ́n àáró kó àwọn ọkùnrin jọ, ó sì gbà yín lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ làwa náà. Ṣùgbọ́n ẹ wò wá dáadáa lónìí, ṣé ẹ rí ìlárí kan nínú wa? Àwa la gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá! Iṣu 42 wà níta. Epo, iyọ̀, oyin, ìrèké, obì, orógbó, ataare, gbogbo rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Gbèsè àtijọ́ la wá san.

(Ẹ̀rín. Onígángan lù ú.)

ALÁGA ÌJÓKÒÓ: Ẹnu yín dùn! Ẹnu dídùn ò sì tíì dọ̀bálẹ̀.

ALÁGA ÌDÚRÓ: Ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀. Ògúnlọlá, baba ńlá tiwa, orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ jagunjagun ló gbé, ibẹ̀ ni ìlú wa ti rí orúkọ. Lónìí, orí tiwa la gbé wá kan ilẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin ọkùnrin ilé Oyèníran, gbọọrọ! Ẹ̀yin obìnrin, orúnkún. Bọ̀dá Fẹ́mi, mo rí yín o; ìtẹríba lẹ ṣe yẹn, àyà ní láti kan ilẹ̀. A ó fọ agbádá nígbà tá a bá délé. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ṣì wà níta. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá jẹ tiwọn.

ALÁGA ÌJÓKÒÓ: Ẹ dìde. A ti rí i, ilé ti gbà á. Ìdọ̀bálẹ̀ yín ò ní já sófo. Ẹ jókòó, ká gbọ́ ohun tó gbé yín wá.

ALÁGA ÌDÚRÓ: A dúpẹ́ o. Ẹ jókòó, ẹ̀yin tèmi.

Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹni kan hàn yín. Bàbá tó bí Akínwálé, ọkọ ìyàwó wa, ti sùn láti 2019. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa wojú wá kiri, torí náà ni mo ṣe tètè ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n Bàbá náà rèé, Bàbá Àgbà, òun ló san owó ilé ìwé ọmọ náà láti ìgbà yẹn. Òun ni baba lónìí. Ìyá rẹ̀ ló jókòó tì í, ẹni tó ti ń nu ojú látàárọ̀ yẹn. Màmá, ẹ rọra, àtíkè ń lọ.

Wọ́n ti kọ́ wa pé ká wí pé òdòdó la rí nínú ọgbà yín. N ò ní wí bẹ́ẹ̀. Òdòdó ń rọ. Máńgòrò làwa mọ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ẹni tó gbìn ín lè má jẹ púpọ̀ níbẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ á sinmi lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ wa Akínwálé kọjá nínú ọgbà Ṣówándé, ó rí igi kan tó ń jẹ́ Títílayọ̀. Kò jù ú lókùúta, kò gun ún lóru. Ilé ló wá, ó ní, “Bàbá Àgbà, ẹ bá mi bẹ àwọn tó ni ín.”

Ẹ̀bẹ̀ náà la kọ sínú ìwé yìí, a fi rìbọ́ọ̀nù dì í. Màmá Alága Ìjókòó, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe ọmọbìnrin kan nínú ilé yìí tó mọ̀wé kà dáadáa, kó ka ìwé ìtọrọ náà sókè, kí bàbá tó jókòó lẹ́yìn pátápátá náà gbọ́. Owó ìkàwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.