Àyẹ̀wò Àwòrán Oníhà-Mẹ́ta ti Igo Òróró Àgbọn, Ẹ̀dà Kejì

Àbúrò mi,

Mo ti wo ẹ̀dà kejì àwòrán igo òróró àgbọn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà, mo wò ó lórí fóònù, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, nítorí orí ìwé ni àwọn oníbàárà wa yóò ti kọ́kọ́ rí i. Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Bí o ṣe gbẹ́ ẹnu igo náà tí ìdérí ń lọ́ mọ́ dára gan-an, bí òróró náà sì ṣe gun ara gíláàsì díẹ̀ ní etí rẹ̀ fi hàn pé o jókòó ti igo gidi kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹ̀dà yìí ránṣẹ́. Lọ́kọ̀ọ̀kan, igo náà dára, pákó ìrókò náà dára, fótò etíkun Badagry tí ó wà lẹ́yìn wọn náà dára. Nígbà tí o kó wọn jọ, ńṣe ni wọ́n dà bí àlejò mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí.

Ibi tí kámẹ́rà dúró ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó ba ìyókù jẹ́. Wo ìlà tí òkun àti ojú ọ̀run ti pàdé nínú fótò ẹ̀yìn. Ìlà yẹn ni ó ń sọ bí ojú kámẹ́rà ṣe ga tó: ohunkóhun tí orí rẹ̀ bá yọ kọjá ìlà náà ga ju kámẹ́rà lọ, a kò sì lè rí òkè orí rẹ̀ láéláé. Nínú àwòrán rẹ, ìlà òkun gba ẹ̀yìn igo kọjá ní déédéé àárín ìwé àlẹ̀mọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kámẹ́rà ga dé àárín igo. Síbẹ̀ a ń rí òkè ìdérí náà, ó ṣí sílẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ojú méjì ni ó ń wo àwòrán kan ṣoṣo. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí kò ní lè tọ́ka sí i, àmọ́ yóò sọ pé nǹkan kan ń ṣe igo náà, yóò sì ní kí a tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, a ó wá máa tún àwọ̀ ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọ̀nà méjì ni ó wà láti tún un ṣe. O lè rẹ kámẹ́rà sílẹ̀ dé àárín igo, kí òkè ìdérí sì pòórá, ṣùgbọ́n ojú pákó yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlà lásán, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó jẹ́ oníbàárà wa sì ti sọ pé àwọn fẹ́ kí ìrókò náà hàn. Èyí tí mo yàn ni pé kí o gbé fótò ẹ̀yìn sókè, títí ìlà òkun yóò fi kọjá lókè ìdérí díẹ̀. A ó pàdánù apá kan lára ojú ọ̀run, kò sì sí ohun tí ó wà níbẹ̀ tí a ó ṣàárò.

Lẹ́yìn èyí, mo ṣí fáìlì náà nínú Blender tí a fi ń ya àwòrán oníhà-mẹ́ta, mo tẹ `N` kí ìwọ̀n lè hàn, mo sì rí i pé igo tí ń gba mìlílítà 100 ga ní mítà 2. Mo mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: inú àpótí tí Blender fúnra rẹ̀ ń gbé wá ni o ti bẹ̀rẹ̀, mítà 2 sì ni ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Dín gbogbo rẹ̀ kù pẹ̀lú `0.055` kí igo náà lè ga ní sẹ̀ǹtímítà 11, kí o sì tẹ `Ctrl+A`, kí o yan `Scale`. Má rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó fáìlì lásán ni èyí. Bí ohun ẹ̀yìn ṣe ń di bàìbàì lójú kámẹ́rà, bí gíláàsì ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, bí etí òjìji ṣe ń rọ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń fi ìtóbi ṣe ìṣirò. Ìdí nìyẹn tí àgbọn tí o là sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igo fi mọ́ roro láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ohun tí ó tó ilé.

Bí a bá sì dá igo náà padà sí ìwọ̀n rẹ̀, a ó rí i pé kámẹ́rà oní lẹ́ńsì mìlímítà 24 tí o lò kò jìnnà sí i ju bí sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Ẹni tí ó bá gbé ojú sún mọ́ igo tó bẹ́ẹ̀, ìdérí yóò wú lójú rẹ̀, ìdí igo yóò sì tín-ín-rín, bí ó ti rí nínú àwòrán rẹ gẹ́lẹ́. Lo mìlímítà 85, kí o sì fà sẹ́yìn dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Igo náà yóò gba ààyè kan náà, àmọ́ yóò nàró bí igo. Àárín fótò ẹ̀yìn nìkan ni kí o gé lò, kí òun náà lè bá kámẹ́rà tuntun yìí mu.

Mo wá kan ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá dojú kọ òkun ní Badagry, gúúsù ni ó dojú kọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ni oòrùn ń wọ̀ sí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà nínú fótò náà, ó ti sún mọ́ omi, ó wà níwájú wa lápá ọ̀tún. Kí ni ìdí tí ìmọ́lẹ̀ títóbi jù lọ lára igo fi ti apá òsì wá, tí ó sì funfun bí iná báńkì? Òjìji rẹ sì ṣubú sí ọ̀tún, ó lọ ń pàdé oòrùn. Yọ ìmọ́lẹ̀ òsì yẹn kúrò pátápátá. Fi `Sun` kan sí apá ọ̀tún lẹ́yìn igo, kí ó ga ní ìwọ̀n 15° péré, kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí ti ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà kí o gbé ìmọ́lẹ̀ fífẹ̀ kan sí òsì, kí agbára rẹ̀ kéré gan-an, kí ó lè máa ṣe iṣẹ́ tí ojú ọ̀run ń ṣe. Ìwọ náà yóò rí i pé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti ẹ̀yìn wá ni ó yẹ gíláàsì aláwọ̀ ilẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ó ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, á sì tàn bí oyin. Ìmọ́lẹ̀ iwájú tí o lò sọ ọ́ di ike.

Òjìji ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù lọ. Ní báyìí, ó gùn tó igo náà gan-an, èyí tí ó jẹ́ òjìji oòrùn tí ó ga ní 45°. Bí oòrùn bá wà ní 15°, òjìji yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po mẹ́rin igo, yóò nà wá sí ọ̀dọ̀ wa lápá òsì, yóò sì ré kọjá etí pákó. Jẹ́ kí ó ré e kọjá, kí ó ṣẹ́ níbẹ̀, nítorí ibi tí òjìji ti ṣẹ́ ni ojú ti ń gbà pé pákó náà nípọn. Etí òjìji rẹ tún rọ̀ bákan náà láti ìdí dé òpin, bí ẹni fi ìka pa èédú. Òjìji oòrùn máa ń mú ní ìdí igo, ó sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń jìnnà. Fi `Angle` sí 0.53°, tí í ṣe ìwọ̀n oòrùn lójú wa. Bí òjìji bá fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà sí ohun tí ó dá a, etí rẹ̀ yóò rọ̀ ní bíi mìlímítà 2, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Igo náà kò tíì jókòó sórí pákó pẹ̀lú. Ààyè tín-ín-rín kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ìdí igo gidi kì í tẹ́ pẹrẹsẹ; àárín rẹ̀ wọ inú, etí rẹ̀ nìkan ni ó ń fara kan pákó, níbẹ̀ ni ìlà dúdú tóóró kan sì gbọ́dọ̀ wà. Àwọ̀ òjìji náà kò tọ́: dúdú biribiri ni, bí òjìji òkúta. Igo aláwọ̀ ilẹ̀ tí òróró wà nínú rẹ̀ yóò kó ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú jọ sí àárín òjìji rẹ̀. Láti Blender 3.2 ni `Shadow Caustics` ti wà fún irú èyí nínú Cycles: tan án lórí `Sun`, kí o ní kí igo àti òróró máa dá a, kí pákó sì máa gbà á.

Ní ti ohun tí a fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òróró ni ó kọ́kọ́ mú mi dúró. O fún un ní funfun bí omi ògì. Òróró àgbọn kì í dì àfi bí òtútù bá mú kí ó lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 24°C lọ. Mo mọ̀ pé òwúrọ̀ ọyẹ́ ni o rí tìrẹ, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ etíkun Badagry kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Kí ó mọ́ gaara, kí `IOR` rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó, jẹ́ 1.45, kí ti gíláàsì jẹ́ 1.5. O tún fi àlàfo sáàárín òróró àti gíláàsì, ìdí nìyẹn tí òwú fàdákà kan fi yí inú igo ká. Jẹ́ kí òróró wọ inú ara gíláàsì díẹ̀, àlàfo afẹ́fẹ́ yẹn yóò sì lọ. Àwọ̀ gíláàsì, má fi kùn ún lójú. Fi `Volume Absorption` sí inú rẹ̀, kí ìdí tí ó nípọn lè ṣókùnkùn ju ara tí ó fẹ́lẹ́ lọ.

Ìdérí alumíníọ̀mù wà ní `Metallic` 0.5. Kò sí ohun tí ó jẹ́ ààbọ̀ irin. 1 ni kí o fi sí. Àlẹ̀mọ́ ń dán bí ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ìwé ni wọ́n lò, mo ní ọ̀kan lọ́wọ́: gbé `Roughness` rẹ̀ dé 0.7, kí o sì fún un ní ìnípọn díẹ̀. Pákó dára lójú, àmọ́ ìlà gígùn kan náà ni o fi bo orí rẹ̀ àti ibi tí ayùn ti gé e, bí ẹni fi ìwé wé e. Ibi tí ayùn gé kò ní ìlà gígùn. Ojú ihò wẹ́wẹ́ ni ó máa ń ní. Rẹ́ etí rẹ̀ pẹ̀lú mìlímítà 1, nítorí etí pákó kankan kì í mú bí abẹ. Fáìlì tí ó ń darí dídán rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní `Non-Color`. O fi í sílẹ̀ ní `sRGB`.

Má tíì fọwọ́ kan àwọ̀ kankan. Kọ́kọ́ fi àwòrán eérú ránṣẹ́ sí mi, kí gbogbo nǹkan jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo, pẹ̀lú kámẹ́rà tuntun, oòrùn ọ̀tún àti fótò ẹ̀yìn ní ipò rẹ̀. Mo fẹ́ rí i kí ọjọ́rú tó parí, nítorí ọjọ́ Ẹtì ni mo ń lọ bá ìyá ní Badagry, wọn kò sì fẹ́ràn kí a máa sún ọjọ́ síwájú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ